Ta Ni "You" Yìí? Bí A Ṣe Ń Mọ Akọ, Abo àti Iye Ẹni Nígbà Tí A Bá Ń Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Inú Àwòrán sí Lárúbáwá

Ẹgbẹ́ àsàlátù kan níbí, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Àwọn 40 ló ń lọ sí Mẹ́kà: obìnrin 37, ọkùnrin 3. Wọ́n fẹ́ káàdì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò fi kọ́ ọrùn, kí ẹni tó bá ṣìnà lè fi han ọlọ́pàá tàbí ẹni tó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ọjọ́ kẹta Iléyá, tí régbérégbé ń jó ní Ọjúde Ọba, Mínà ni àwọn tiwa tó lọ Hájì ṣì wà, láàárín àgọ́ funfun tí gbogbo rẹ̀ jọra, níbi tí ìyá àgbàlagbà ti lè jáde lọ ṣe àlùwàlá kó má sì mọ ọ̀nà padà.

Ẹni tó ṣe àwòrán káàdì náà ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Fọ́tò ìyá kan wà lápá òsì, àsíá Nàìjíríà wà lókè, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lápá ọ̀tún. Wọ́n ní kí n fi Lárúbáwá rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì náà. Ohun tí mo bá nínú àwòrán náà nìyí:

```
ARE YOU LOST?
SHOW THIS CARD.
I AM A PILGRIM FROM NIGERIA.
PLEASE HELP ME.
CALL OUR LEADER.
THANK YOU.
```

Ìlà mẹ́fà péré ni, àmọ́ "you" wà ní ìlà kìíní, ó fara sin sínú àṣẹ tó wà ní ìlà kejì, ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ó sì tún yọjú ní ìkẹfà. Mo máa fi káàdì yìí ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń takókó

Gẹ̀ẹ́sì ní "you" kan ṣoṣo. Àwa ní méjì, ìwọ àti ẹ̀yin. Lárúbáwá ní márùn-ún: أنتَ, "anta", fún ọkùnrin kan, أنتِ, "anti", fún obìnrin kan, أنتما, "antumaa", fún ẹni méjì, أنتم, "antum", fún ọkùnrin mẹ́ta sókè tàbí ọkùnrin àti obìnrin tó dàpọ̀, أنتنّ, "antunna", fún obìnrin nìkan tí wọ́n bá pé mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ti yan ọ̀kan, ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ bá a mu, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ẹni náà gbọ́dọ̀ bá a mu, ìrù tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ náà gbọ́dọ̀ bá a mu. "Ràn mí lọ́wọ́" lásán, ساعدني ni sí ọkùnrin kan, ساعديني ni sí obìnrin kan, ساعدوني ni sí ọ̀pọ̀.

Yorùbá kò fi akọ àti abo sínú gírámà rẹ̀. "Ó ti dé" kò sọ bóyá bàbá ni tàbí ìyá. Nítorí náà, etí wa kì í tètè ta sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀, tí ìyàtọ̀ náà ti bá Lárúbáwá wọlé sínú ẹnu wa: Àlháájì àti Àlhájà. Kò sẹ́ni tó máa pe ìyá rẹ̀ ní Àlháájì. Bí o bá ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìyàtọ̀ tó wà láàárín Àlháájì àti Àlhájà yẹn ni kí o máa wá nínú gbogbo ìlà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan

Má tíì túmọ̀ ohunkóhun. Mú bébà, da ọ̀rọ̀ inú àwòrán kọ ní ìlà-ìlà, kí o sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: ta ló ń sọ ọ́, ta ló ń sọ ọ́ fún, ẹni mélòó?

Nígbà tí mo ṣe é fún káàdì yìí, ó hàn pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni "you" inú rẹ̀. Ìlà kìíní àti ìkejì, ẹgbẹ́ ló ń bá ẹni tó gbé káàdì kọ́rùn sọ̀rọ̀: ṣé ẹ ti ṣìnà, ẹ fi káàdì yìí hàn. Láti ìlà kẹta, ẹni tó ṣìnà ló wá ń bá àlejò tí kò mọ̀ rí sọ̀rọ̀: mo wá láti Nàìjíríà, ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ pe olórí wa, ẹ ṣeun. Ẹni tí a ń bá wí ní ìlà kìíní ló di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìlà kẹta. Ẹni tó bá rí fọ́tò ìyá náà tó sì sọ gbogbo "you" di abo yóò máa pe ọlọ́pàá Mínà ní obìnrin.

Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀. Ta ni yóò ka ìlà kìíní àti ìkejì? Ìyá tó gbé káàdì ni. Ṣé ó gbọ́ Lárúbáwá? Rárá, àwọn tó bá tilẹ̀ mọ kéwú láàárín wọn, kíkà ni wọ́n mọ̀, wọn ò fi í sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo sọ fún ẹgbẹ́ pé kí ìlà méjèèjì lọ sí ẹ̀yìn káàdì ní Yorùbá: "Ṣé ẹ ti ṣìnà? Ẹ fi káàdì yìí han ẹni tó bá wà nítòsí." Wọ́n gbà. Ibẹ̀ ni "you" àkọ́kọ́ ti kúrò nínú ìṣòro wa.

Bí oníbàárà bá ta kú pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ Lárúbáwá, ọ̀nà wà, a máa tó dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: wo àwòrán fún ẹ̀rí, kí o sì mọ ohun tí kì í ṣe ẹ̀rí

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ máa ń sọ díẹ̀. "Yourself" ẹnì kan ni, "yourselves" ọ̀pọ̀ ni, "you both" ẹni méjì ni. Bí kò bá sí irú èyí, àwòrán ló kù. Àwòrán aboyún tí a kọ "Are you pregnant?" sí ń bá obìnrin kan wí láìsí àní-àní, o sì lè kọ هل أنتِ حامل؟ láìbẹ̀rù. (Kíyè sí i pé حامل kò gba ة ní ìparí bí àwọn ọ̀rọ̀ abo yòókù. Ohun tí obìnrin nìkan lè jẹ́ ni, kò nílò àmì mìíràn.)

Àmọ́ ojú tó wà nínú àwòrán kì í sábàá jẹ́ ojú ẹni tí a ń bá wí. Ronú sí àwòrán nọ́ọ̀sì obìnrin tó na ìka sí ọ, tí wọ́n kọ "Have you checked your blood pressure?" sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìka rẹ̀ na sí ni "you", ó sì lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ilé ìwòsàn. Wo ibi tí ojú àti ìka kọjú sí kí o tó pinnu.

Lórí káàdì wa, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe àwòrán pé, "Fọ́tò ta nìyí?" Ó ní àpẹẹrẹ lásán ni, pé fọ́tò oníkálukú ni yóò wà níbẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí fọ́tò náà ṣe di aláìjámọ́ ẹ̀rí nìyẹn. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ abo nítorí rẹ̀, àwọn ọkùnrin 3 yẹn yóò gbé káàdì tó ń pè wọ́n ní obìnrin kiri ìlú Mẹ́kà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: béèrè, ṣùgbọ́n ṣọ́ra fún "ẹ" àti "wọ́n"

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń jìn sí kòtò jù nìyí, mo sì ti jìn sí i rí. Ní ọdún kan, ẹnì kan pè mí lórí fóònù pé òun fẹ́ irú káàdì báyìí fún ẹni tó ń lọ Mẹ́kà. Ó ní, "Wọ́n ti dàgbà, wọn ò gbọ́ Lárúbáwá, wọ́n lè ṣìnà." Mo jókòó, mo kọ نحن تائهون, ìyẹn ni "àwa ti ṣìnà," ní ọ̀pọ̀. Ìyá kan ṣoṣo ni ó ń sọ. Wọ́n ti tẹ káàdì náà, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bò ó kí àáfà kan ní Ṣágámù tó kà á tó sì bi mí pé, "Ẹni mélòó ló máa wọ káàdì kan?" Ọ̀wọ̀ tí ọmọ bù fún ìyá rẹ̀ ni mo túmọ̀ sí iye ẹni.

Lárúbáwá kì í fi ọ̀pọ̀ bọ̀wọ̀ fúnni bí tiwa. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n láti inú Fátíhà tí ò ń kà lójoojúmọ́: إياك نعبد, "iyyaaka nahbudu," ẹyọ ni "kà" tó wà níbẹ̀, Ọlọ́run Ọba sì ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ wa lọ́nà ni pé àwọn gbólóhùn kan ti di àṣà ní ọ̀pọ̀, bíi السلام عليكم, tí à ń sọ fún ẹnì kan àti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bákan náà. Àwọn lẹ́tà sí ọ́fíìsì náà máa ń lo ọ̀pọ̀ fún ọ̀gá, bíi سيادتكم. Fi àwọn yẹn sí àyè wọn. Fún ìyá kan, ẹyọ ni, bó ti wù kó dàgbà tó.

Nítorí náà, tí mo bá ń béèrè báyìí, ìbéèrè méjì ni mo ń là mọ́lẹ̀: "Ẹni mélòó ni?" àti "Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Lórí káàdì yìí, mo béèrè nípa olórí tí a ní kí wọ́n pè. Wọ́n ní, "Alága wa ni, wọ́n máa gbé fóònù." Ìdáhùn náà kún fún ọ̀wọ̀, kò sì sọ ohun tí mo ń wá. Mo tún béèrè, ni wọ́n tó ní Àlhájà ni. مشرفة ni mo kọ dípò مشرف. Ó ní ìdí: bí ọlọ́pàá bá ka "olórí" ní akọ tó wá pè, tí ohùn obìnrin dá a lóhùn, ó lè rò pé nọ́ńbà náà kò tọ̀nà kó sì pa fóònù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bí kò bá sí ẹ̀rí, kọ ọ́ lọ́nà tí kò fi ní béèrè ẹ̀rí

Àlejò tó máa ka káàdì náà ní Mínà, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ ọlọ́pàá ọkùnrin, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì obìnrin, ó lè jẹ́ ọmọ ogun mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ atúmọ̀ á kọ akọ ẹyọ síbẹ̀, nítorí pé òun ni Lárúbáwá fi ń pe ẹni tí a kò mọ̀. Kò burú ní gírámà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tó dára jù ú bá wà tí kò gbani ní àyè, èmi á gba ìyẹn.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí o sọ àṣẹ di orúkọ ìṣe. Dípò "ẹ pè é," sọ pé "a ń bẹ̀bẹ̀ fún pípè." Bí àwọn Lárúbáwá fúnra wọn ṣe ń kọ ọ́ sára ògiri nìyẹn: ممنوع التدخين, "sìgá mímu jẹ́ èèwọ̀," kò bá akọ tàbí abo wí. Fún ìlà karùn-ún, الرجاء الاتصال بمشرفة المجموعة: الاتصال ni "pípè," kò sì sí ìrù kankan tó ní kí o yan.

Ọ̀nà kejì ni pé kí o yí ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú Lárúbáwá, ọ̀rọ̀-ìṣe "mo" kò ní akọ tàbí abo. أرجو المساعدة, "mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́," bàbá lè sọ ọ́, ìyá lè sọ ọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbọ́ ọ. Ó bọ́ sí ipò ساعدني pátápátá.

Ìlà kẹta ṣòro díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀-orúkọ ni "pilgrim," ọ̀rọ̀-orúkọ kì í sá fún akọ àti abo. أنا حاجّ ni ọkùnrin máa sọ, أنا حاجّة ni obìnrin. Tí o bá wá gbàgbé àmì ṣádà lórí ج ti abo, ohun tí ojú máa kọ́kọ́ kà ni حاجة, tó túmọ̀ sí "ohun tí a nílò" tàbí "nǹkan." Ìyá yóò máa gbé "èmi ni nǹkan kan láti Nàìjíríà" kọ́rùn kiri. Ohun tí mo kọ ni أنا من حجاج نيجيريا, "mo wà lára àwọn tó wá ṣe Hájì láti Nàìjíríà." حجاج jẹ́ ọ̀pọ̀ tó kó ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, ó sì gba gbogbo àwọn 40 náà.

Mo fi ìlà kan kún un tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àwọn ìlà kìíní àti ìkejì ti lọ sí ẹ̀yìn, àlejò sì nílò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: أضعت الطريق, "mo ti sọ ọ̀nà nù." Má ṣe lo ضالّ níbẹ̀ o. Ìdílé kan náà ni pẹ̀lú ولا الضالين tó parí Fátíhà, ẹni tó ṣìnà ẹ̀sìn ni ọkàn á kọ́kọ́ lọ sí. تائه ni àwọn Lárúbáwá ń pe ẹni tó sọnù láàárín èrò, ṣùgbọ́n ó ń yí sí تائهة fún obìnrin, ìdí nìyẹn tí mo fi yàgò fún un.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: jẹ́ kí àmì orí lẹ́tà ṣiṣẹ́ fún ọ

أضعت tí mo kọ yẹn ní àṣírí kan. Láìsí àmì, "mo sọ ọ́ nù," "ìwọ ọkùnrin sọ ọ́ nù" àti "ìwọ obìnrin sọ ọ́ nù" jọ ara wọn lójú ìwé: aḍahtu, aḍahta, aḍahti. Lórí káàdì, ó tẹ̀lé أنا, nítorí náà "mo" ni ẹni tó ń kà á yóò gbọ́. Bí oníbàárà bá sì ta kú pé òun fẹ́ "ARE YOU LOST?" ní Lárúbáwá, هل أضعت الطريق؟ bá akọ àti abo wí pa pọ̀, tí o kò bá ti fi àmì sí ت. Èkejì rẹ̀ yóò jẹ́ يرجى إظهار هذه البطاقة, "a ń bẹ̀bẹ̀ fún fífi káàdì yìí hàn."

Bákan náà ni ك tí à ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀. صحتك ni "ìlera rẹ," yálà ọkùnrin ló ni ín tàbí obìnrin. جزاك الله خيرا pẹ̀lú bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu ni ìyàtọ̀ wà: "jasaaka" sí ọkùnrin, "jasaaki" sí obìnrin. Àwa sábàá máa ń sọ "jasaakallaahu" sí ìyá àti bàbá bákan náà, akọ ni. Fún ìlà "THANK YOU," mo yan جزاكم, ọ̀pọ̀, nítorí pé a kò mọ iye ẹni tó máa ràn wá lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ sì gba gbogbo wọn.

Ewu tó wà ńbẹ̀ ni pé àwọn tó ń ṣe àwòrán fẹ́ràn kí Lárúbáwá rí bíi ti inú Àlùkùránì, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo lẹ́tà. Gbàrà tí fátáhà bá ti gun orí ك, ọkùnrin ni. Tí kásírà bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, obìnrin ni. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má fi àmì kankan kún un. Ṣádà tí o bá mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ nìkan ni kó dúró.

Ọgbọ́n yìí kò gbà fún ọ̀rọ̀-ìṣe tí kò tíì kọjá. تشرب àti تشربين yàtọ̀ lójú, bí o fi àmì sí i tàbí o kò fi sí i. Níbẹ̀, padà sí orúkọ ìṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: dán an wò pẹ̀lú ìyá, kí o tún dán an wò pẹ̀lú bàbá

Ohun tí mo kọ parí nìyí:

```
أنا من حجاج نيجيريا.
أضعت الطريق.
أرجو المساعدة.
الرجاء الاتصال بمشرفة المجموعة.
جزاكم الله خيرا.
```

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Rò ó pé ìyá ló gbé e, kí o ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kí o béèrè: lẹ́tà wo ló gbọ́dọ̀ yí bí bàbá bá gbé e? Lẹ́yìn náà, pààrọ̀ ẹni tó ń kà á: ọlọ́pàá ọkùnrin kan, nọ́ọ̀sì obìnrin kan, ènìyàn márùn-ún. Bí kò bá sí lẹ́tà tó yí, o ti bọ́. Bí ọ̀kan bá yí, fa ìlà sí i, kí o sì tẹ̀lé e dé gbogbo ọ̀rọ̀ tó so mọ́ ọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn yí ọ̀kan kó gbàgbé èkejì, bíi هل أنتِ تائه؟, tí orí rẹ̀ jẹ́ obìnrin, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin. Nínú káàdì yìí, مشرفة nìkan ló ní abo, ẹni tó sì ń tọ́ka sí kò yí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé e sínú àwòrán, wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lórí bébà kí wọ́n tó fi ọ̀rá bò ó. Àwọn ètò ìyàwòrán kan lórí kọ̀ǹpútà máa ń já lẹ́tà Lárúbáwá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí wọ́n yí i padà láti òsì sí ọ̀tún. Tí o bá rí ا ن ا dípò أنا, dá iṣẹ́ náà padà.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí káàdì wọn ti gbọ́dọ̀ yàtọ̀: orúkọ tó wà lábẹ́ fọ́tò, níbi tí الحاجّة yóò ti wà fún àwọn 37 àti الحاجّ fún àwọn 3. Mi ò fi orúkọ dá wọn mọ̀. Rafiatu kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní Bọ́lájí méjì àti Ayọ̀délé kan, orúkọ tí ọkùnrin ń jẹ́ tí obìnrin sì ń jẹ́. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ojú ewé kìíní ìwé ìrìnnà oníkálukú. Lẹ́tà M tàbí F wà níbẹ̀. Bọ́lájí kan jẹ́ F, èkejì jẹ́ M, Ayọ̀délé sì jẹ́ F.